+1 234: orílẹ̀-èdè wo ló pè mí gan-an?

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìpè kan wọlé sórí fóònù mi lánàá, n kò sì rí i gbé. Nọ́ńbà tí mo bá níbẹ̀ ni +1 234 555 01xx, èmi ni mo fi x bo méjì tó gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ní 234 ni Nàìjíríà, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti pè mí. Èmi ń wo 1 tó ṣáájú, mo ní Amẹ́ríkà ni. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Kí sì ni àmì + yẹn ń ṣe níbẹ̀?

Gbóyèga
Èyí ò le rárá. Ẹyọ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn + ló máa ń sọ orílẹ̀-èdè. 234 ni Nàìjíríà, 233 ni Gánà, 229 ni Bẹ̀nẹ̀, 254 ni Kẹ́ńyà. Nínú nọ́ńbà tìẹ, mẹ́ta àkọ́kọ́ ni 123, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ayédèrú ni nọ́ńbà náà. Pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ.

Màmá Tọ́lá
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, àmì yẹn ò ṣòro. Ibi tí o ti ń tẹ nọ́ńbà, fi ìka tẹ òdo, má sì tètè gbé ìka kúrò, òdo yẹn á di +. Tọ́lá ló kọ́ mi. Bí fóònù orí tábìlì bá ni, kò ní i o.

Akínwándé
Ẹ ṣé, Màmá. Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lo jàre. Ìdí tí o fi jàre ni mo fẹ́ sọ, torí òun ló máa jẹ́ kí o lè ka nọ́ńbà mìíràn tó bá tún wọlé. Ibi ẹ̀rọ tó ń darí ìpè ni mo ti ṣiṣẹ́, bí mo sì ṣe rí i tí ẹ̀rọ ń ṣe é ni mo ṣe máa sọ ọ́.

Láti apá òsì la ti ń ka nọ́ńbà, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gbàrà tí ohun tí o ti kà bá ti jẹ́ kóòdù orílẹ̀-èdè kan, kóòdù parí síbẹ̀, o kò gbọdọ̀ fa ẹyọ tó kàn mọ́ ọn. Ohun tó mú kí èyí ṣe é ṣe ni pé àjọ ITU tó ń pín àwọn kóòdù yìí kì í jẹ́ kí kóòdù kan jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kóòdù mìíràn. Bí 1 ti jẹ́ kóòdù fúnra rẹ̀ yẹn, kò sí orílẹ̀-èdè kankan láyé tí wọ́n lè fún ní 12 tàbí 123. Bẹ́ẹ̀ náà ni 7 rí. Ṣùgbọ́n 2 kò lè dá dúró. Bí o bá bá 2 pàdé, wo èyí tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ 0, Íjíbítì ni, dúró. Tó bá jẹ́ 7, Gúúsù Áfíríkà ni, dúró. Tí kò bá jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, àfi kí o mú ẹyọ kẹta kí o tó mọ ẹni tó ni ín.

Wá gbé nọ́ńbà méjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

```
+1 234 555 01xx
+234 80x xxx xxxx
```

Ti òkè: o ka 1, ó parí. 234 tó tẹ̀ lé e kì í ṣe kóòdù orílẹ̀-èdè mọ́, kóòdù agbègbè ni, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Òháyò ní Amẹ́ríkà, níbi tí Ákírọ́ọ̀nù àti Yọ́ngísítáànù wà. Òun àti 330 ni wọ́n jọ ń lò ní agbègbè yẹn. Ti ìsàlẹ̀: o ka 2, kò tíì tó, o ka 23, kò tíì tó, o ka 234, ó parí, Nàìjíríà ni. Òǹkà mẹ́ta kan náà ni, ipò tí wọ́n wà ló yàtọ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ rí wà níbẹ̀ lóòótọ́, àárín nọ́ńbà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ní ti +, àmì náà kì í ṣe ara nọ́ńbà. Ohun tó ń sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni pé: "Fi òǹkà tó ń gbé ìpè jáde ní orílẹ̀-èdè tí mo wà síbí." Òǹkà yẹn sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. 00 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 011 ni. Ní Jàpáànù, 010. Ní Ọsirélíà, 0011. Ní Nàìjíríà, 009. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú 00, ó ti kọ ọ́ fún àwọn tó wà níbi tí 00 ti ń ṣiṣẹ́ nìkan. Ẹni tó bá fi + kọ ọ́ ti kọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Iṣẹ́ kejì tí + ń ṣe ni ìwọ ń béèrè, bí mo ṣe rò ó. Ó ń fi dá ẹni tó ń kà á lójú pé ẹyọ tó tẹ̀ lé òun ni ìbẹ̀rẹ̀ kóòdù orílẹ̀-èdè. Mú + àti 1 kúrò nínú nọ́ńbà rẹ, ohun tó kù ni 234 555 01xx. Bí àwọn ará Òháyò ṣe ń tẹ ẹ́ láàárín ara wọn gan-an nìyẹn, ẹni tí kò mọ̀ sì lè búra pé Nàìjíríà ni.

Gbóyèga
Ẹ̀gbọ́n Akínwándé, mo gbọ́. Àmọ́ ìlànà mẹ́ta-mẹ́ta tí mo sọ ti ń bá mi ṣiṣẹ́ tipẹ́. Gbogbo nọ́ńbà ilẹ̀ òkèèrè tó wà lórí fóònù mi ló bá a mu. Kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́ tí kò bá tọ̀nà?

Akínwándé
Torí àwọn tí o mọ̀ ló jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Ó jọ pé Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà, 2 ló sì ń ṣáájú kóòdù Áfíríkà. Yàtọ̀ sí Íjíbítì àti Gúúsù Áfíríkà, ẹyọ mẹ́ta ni gbogbo wọn. Gbé ìlànà rẹ lọ sórí nọ́ńbà Káírò wò. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni +20 2, torí 2 ni kóòdù agbègbè Káírò. Ìwọ á ka 202, o ò ní rí orílẹ̀-èdè kankan tó ń jẹ́ 202, o sì máa sọ pé ayédèrú ni nọ́ńbà tó jẹ́ ojúlówó. Ohun tí o ṣe sí ti Àbẹ̀kẹ́ náà nìyẹn.

Tí o bá kúrò ní 2, ọ̀ràn náà á tún yí padà. Bírítéènì jẹ́ 44, Faransé 33, Ṣáínà 86, Íńdíà 91. Nígbà tí wọ́n ń pín kóòdù láàárín àwọn ọdún 1960, gígùn nọ́ńbà ní ààlà, àwọn tí nọ́ńbà abẹ́lé wọn sì ti gùn tàbí tí fóònù wọn pọ̀ ni wọ́n fún ní kóòdù kúkúrú, kí àpapọ̀ má bàa gùn jù. Ìdí nìyẹn tí Àríwá Amẹ́ríkà fi ní 1, tí Sófíẹ́tì ìgbà náà sì ní 7. Lónìí, ẹyọ 15 ni gbogbo nọ́ńbà kò gbọdọ̀ kọjá, àti kóòdù àti èyí tó kù. A kì í ka + mọ́ ọn.

Ẹyọ àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ máa ń sọ apá ibi tí o ń wò lórí ilẹ̀ ayé. 3 àti 4 ni Yúróòpù. 5 ni Gúúsù Amẹ́ríkà àti Àárín Amẹ́ríkà. 6 ni Gúúsù Ìlà-oòrùn Éṣíà títí dé àwọn erékùṣù Pàsífíìkì. 8 ni Jàpáànù, Kòríà, Ṣáínà àti àwọn aládùúgbò wọn, pẹ̀lú àwọn kan tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan. 9 bẹ̀rẹ̀ láti Tọ́kì títí dé Íńdíà. Má sì fi ìyẹn ṣe òfin, torí Girinilándì jẹ́ 299, Àrúbà sì jẹ́ 297. Abẹ́ 2 ni àyè wà, abẹ́ 2 ni wọ́n fi wọ́n sí, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe Áfíríkà.

Gbóyèga
Ó yé mi. Nígbà náà, 7 ni Rọ́ṣíà, ó parí?

Akínwándé
Kóòdù ti parí, orílẹ̀-èdè ni kò tíì parí. Rọ́ṣíà àti Kàsàkísítáànì ni wọ́n jọ ni 7. Wo ẹyọ tó tẹ̀ lé e: 6 tàbí 7 jẹ́ ti Kàsàkísítáànì. Nọ́ńbà tó bá ṣáájú pẹ̀lú +7 7, Kàsàkísítáànì ló ti wá.

Adérónkẹ́
Ọ̀rọ̀ yín yìí kan èmi náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nọ́ńbà kan ń fúláàṣì mi lóru, ẹ̀ẹ̀kan ló máa dún tó máa já. +1 876 555 01xx ni. Àbúrò mi obìnrin wà ní Amẹ́ríkà, mo mọ̀ pé +1 ni tiwọn, mo wá rò pé òun ló yí nọ́ńbà padà tí kò ní owó lórí fóònù. Mo fẹ́ pè é padà, nígbà tí mo rí ìjíròrò yìí ni mo dúró. Ṣé Amẹ́ríkà ni àbí kì í ṣe Amẹ́ríkà?

Rẹ̀mí
Àǹtí Adérónkẹ́, ẹ má tíì pè é. Ìdí owó ìpè ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú nọ́ńbà yìí sì máa ń kó bá àwọn oníbàárà lójoojúmọ́.

+1 kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan. Kóòdù tí nǹkan bí 20 orílẹ̀-èdè jọ ń lò ni: Amẹ́ríkà, Kánádà, àti ọ̀pọ̀ erékùṣù Kàríbíà. Lẹ́yìn 1, ẹyọ mẹ́ta tó kàn ló ń sọ èwo nínú wọn ni. 876 ni Jàmáíkà. 268 ni Àntígúà àti Bàbúdà. 473 ni Girẹ̀nédà. 809, 829 àti 849 ni Dòmíníkà Olómìnira. Lójú, gbogbo wọn jọ nọ́ńbà Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe jọra fún ará Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ ń lò. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà kò ní í tẹ 011 kí ó tó pe Jàmáíkà, 1 lásán ló máa tẹ̀, bí ẹni ń pe ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí. Kò sí ohun tó máa ta á lólobó pé ìpè náà ti jáde kúrò nílùú, àfi nígbà tí owó bá ti lọ.

Ní ti bí owó ṣe ń dé ọwọ́ wọn: bí ẹ bá pe ilẹ̀ mìíràn, ilé-iṣẹ́ yín máa ń san owó fún ilé-iṣẹ́ tó gba ìpè náà lọ́hùn-ún. Níbi tí owó yẹn bá ti wọ́n, ẹni tó ni nọ́ńbà lè bá ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ pín in. Wọ́n á fi ẹ̀rọ fúláàṣì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lóru, wọ́n á sì já a kí ẹnikẹ́ni tó gbé e, torí ìpè tí a kò gbé kì í ná wọn ní nǹkan kan. Bí ẹ bá pè padà, ohùn tó ń dún bí ẹni pé fóònù ṣì ń pe ẹni náà, tàbí orin, tàbí ẹni tó ń ní kí ẹ dúró díẹ̀ lẹ máa gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìpè ti wọlé, owó sì ti ń lọ.

Ẹ má ṣàì mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Jàmáíkà ló ń lo 876 fún ìpè òdodo. Kóòdù náà ò sọ pé jìbìtì ni. Ohun tó sọ kò ju pé nọ́ńbà yìí kì í ṣe ti ìlú tí àbúrò yín wà. Ẹ pe àbúrò yín lórí nọ́ńbà rẹ̀ tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ bi í.

Adérónkẹ́
Mo ti pè é. Kò yí nọ́ńbà kankan padà, kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní Jàmáíkà. Ẹ ṣeun gan-an ni, Rẹ̀mí.

Màmá Tọ́lá
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi wo tèmi náà. Tọ́lá ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá. Nígbà tó pè mí kẹ́yìn, +870 ló hàn. Mo bi í pé ìlú wo ló wà, ó ní agbede òkun. Mo wá inú ìwé àwòrán ayé, n kò rí orílẹ̀-èdè tó ni 870. Kí ló dé?

Akínwándé
Màmá, ẹ kò lè rí i, torí kò sí orílẹ̀-èdè tó ni ín. 870 jẹ́ ti Ìmásáàtì, àwọn tó ń fi sátẹ́láìtì gbé ìpè, àwọn ọkọ̀ ojú omi sì ń lò ó dáadáa. Irú rẹ̀ ni 881, níbi tí Ìrídíọ́ọ̀mù àti Gúlóbásítà wà. Bí ẹ bá rí +881 6, Ìrídíọ́ọ̀mù ni. Ibi yòówù kí ọkọ̀ náà wà, bóyá Àtìlántíìkì ni tàbí Íńdíà, 870 ni yóò máa hàn. Kóòdù náà ń tọ́ka sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò tọ́ka sí ilẹ̀. Owó ìpè sí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti fóònù lásán lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, nítorí náà ẹ jẹ́ kí Tọ́lá fúnra rẹ̀ máa pè yín.

Kúnlé
Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí a tún ohun kan yẹ̀ wò. Gbogbo ohun tí a ń sọ látòkè dà bí ẹni pé kóòdù ń sọ ibi tí ẹni tó ń pè wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní síìmù +44, ó ń gbé lọ sí Faransé, ó ń gbé lọ sí Kánádà, +44 ló sì máa ń hàn lórí fóònù mi. Àwọn mìíràn ń ra nọ́ńbà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn kò sì tíì dé ìlú tó ni kóòdù náà rí. Ilé tó fúnni ní nọ́ńbà ni kóòdù ń sọ, kò sọ ibi tí ẹsẹ̀ ẹni náà wà.

Akínwándé
Òótọ́ ni Kúnlé sọ. Mo sì ní àpẹẹrẹ kan tó fi í hàn ju ti síìmù lọ. Ṣáájú oṣù Kejìlá ọdún 2016, Kósófò kò ní kóòdù tirẹ̀. Fóònù ilé wọn ń lo +381 tó jẹ́ ti Sẹ́bíà. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù alágbèéká wọn yá kóòdù: èyí kan ń lo +377 ti Mónákò, èkejì ń lo +386 ti Sìlòféníà. Ẹni méjì lè jókòó sínú yàrá kan náà ní Pírísítínà kí wọ́n pè ọ́, kí ọ̀kan hàn bí ará Mónákò, kí èkejì hàn bí ará Sìlòféníà. Lẹ́yìn tí wọ́n gba 383 ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú ìwé nọ́ńbà ẹni tó bá ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, +377 ti àtijọ́ ṣì lè wà.

+44 tí o dárúkọ fúnra rẹ̀ kò gbà fún Bírítéènì nìkan. Jẹ́sì (+44 1534), Gánsì (+44 1481) àti Erékùṣù Máànù (+44 1624) wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ara Bírítéènì lábẹ́ òfin. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló máa ń gba owó tó yàtọ̀ fún ìpè sí wọn.

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Ó ti yé mi pé Òháyò ni nọ́ńbà mi. Ṣùgbọ́n n kò mọ ẹnikẹ́ni ní Òháyò. Ṣé a lè dá a mọ̀ bóyá nọ́ńbà tí mo rí ni nọ́ńbà tó pè mí lóòótọ́?

Kúnlé
Lójú tèmi, kò sí bí a ṣe lè mọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń pè láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì lè kọ nọ́ńbà tó bá wù ú síbi tí orúkọ apè yẹ kó wà. Fóònù rẹ máa gbé e jáde bí wọ́n ṣe fi í ránṣẹ́. Nítorí náà n kì í ka kóòdù sí mọ́ rárá.

Rẹ̀mí
Bọ̀dá Kúnlé, ẹ ti sọ ọ́ kọjá ibi tó yẹ. Kóòdù kò lè jẹ́rìí pé nọ́ńbà kan jẹ́ òdodo, àmọ́ ó lè jẹ́rìí pé èyí kan jẹ́ ayédèrú. Bí ẹ bá rí +210 tàbí +289, ẹ ti mọ̀ pé irọ́ ni, torí kò sẹ́ni tí wọ́n fún ní 210, wọn kò sì pín èyíkéyìí láti 280 dé 289. Lábẹ́ +1, kóòdù agbègbè kì í fi 0 tàbí 1 bẹ̀rẹ̀, nítorí náà +1 1 ohun yòówù tó lè tẹ̀ lé e, kò sí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ka gígùn rẹ̀. Lẹ́yìn 1, ẹyọ 10 péré ló gbọ́dọ̀ wà. Bó bá jẹ́ 9 tàbí 11, wọ́n ti fọwọ́ ba nọ́ńbà náà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà náà ní ètò kan tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí ìpè láàárín ara wọn, tí òfin ti mú kí àwọn ńlá inú wọn máa lò láti òpin oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ilé-iṣẹ́ tí ìpè ti ṣẹ̀ wá máa ń fi àmì sí i pé òun mọ oníbàárà yìí, nọ́ńbà yìí sì jẹ́ tirẹ̀.

Kúnlé
Bí ìpè náà bá jáde kúrò ní Amẹ́ríkà kó tó dé ọ̀dọ̀ Àbẹ̀kẹ́, ṣé àmì yẹn máa bá a dé?

Rẹ̀mí
Kò dájú. Bí ìpè bá gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí kò lo ètò yẹn, tàbí tó gba orí ẹ̀rọ àtijọ́, àmì náà máa bọ́ sọnù lójú ọ̀nà.

Akínwándé
Ìṣòro mìíràn wà tí mo bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Ó yẹ kó rọrùn fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti dí ìpè tó ń bọ̀ láti òkè òkun tó sì gbé nọ́ńbà ìlú tiwọn dání. Fún nọ́ńbà fóònù ilé, èyí dára, torí fóònù ilé kì í rìnrìn àjò. Ti fóònù alágbèéká ló le. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Kúnlé, bó bá wà ní Kánádà tó sì pe ilé, òkè òkun ni ìpè rẹ̀ ti ń bọ̀, nọ́ńbà ìlú rẹ̀ ló sì gbé dání, òdodo sì ni. Bí o bá dí gbogbo rẹ̀, o ti dí òun náà. Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ó ní láti kọ́kọ́ béèrè bóyá síìmù náà wà ní ẹ̀yìn odi lásìkò yẹn.

Kúnlé
Mo gbà fún Rẹ̀mí ní ti ayédèrú tó hàn gbangba. Síbẹ̀, gbájúẹ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í lo +210. Nọ́ńbà ẹni tó wà láàyè ló máa lò.

Fẹ́mi
Ẹ kú ìjíròrò. Tèmi kò ní + rárá. Nọ́ńbà tó hàn ni 229 555 01xx, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, láìsí ohunkóhun níwájú. Gbóyèga ti sọ pé 229 ni Bẹ̀nẹ̀. Ṣé kí n fi + síwájú rẹ̀ kí n pè é?

Akínwándé
Má fi + sí i, Fẹ́mi. Kà á ná. Ẹyọ 10 ni. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ ti di ẹyọ 10, 01 ni wọ́n sì fi síwájú àwọn ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà pẹ̀lú 229, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 13, kó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 229 01. Kó tó di ìgbà náà, ẹyọ 8 ni wọ́n ń lò, àpapọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ 11. Mẹ́wàá kò bá ti àtijọ́ mu, kò sì bá ti ìsinsìnyí mu. Ohun tó bá a mu ni 229 tó jẹ́ kóòdù agbègbè ní gúúsù ìpínlẹ̀ Jọ́jíà ní Amẹ́ríkà, níbi tí Ọ́báníì wà, tí wọ́n gé +1 kúrò níwájú rẹ̀. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan máa ń gé e bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìpè bá ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Bí o bá fi + lásán síwájú rẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ ni ẹ̀rọ máa gbé ìpè rẹ gbà, nọ́ńbà náà kò sì ní pé.

Gbóyèga
Ẹ̀gbọ́n, òdo tí Bẹ̀nẹ̀ fi síwájú yẹn ńkọ́? Mo rò pé òdo àkọ́kọ́ la máa ń yọ tí a bá ti fi kóòdù orílẹ̀-èdè sí i.

Akínwándé
Ní ọ̀pọ̀ ibi, bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ńbà Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń tẹ̀ nílé bí 020 máa di +44 20. Òdo yẹn kàn ń sọ fún ẹ̀rọ abẹ́lé pé ìpè ń lọ sí agbègbè mìíràn. Ṣùgbọ́n ní Bẹ̀nẹ̀ àti Kódífuà, tí àwọn náà di ẹyọ 10 ní oṣù Kìíní ọdún 2021, òdo ti di ara nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ítálì náà rí bẹ́ẹ̀: Róòmù ni +39 06, bí o bá yọ òdo yẹn, ìpè kò ní dé ibi tó ń lọ. Fátíkánì gan-an, tí ITU ti ya 379 sọ́tọ̀ fún, abẹ́ +39 06 ni nọ́ńbà wọn ṣì wà títí di òní.

Fẹ́mi
Mo ti wo ìwé ìpè mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìpè méjì ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà: èyí tí mo kọ sókè yìí, àti òmíràn tó ní +1 229 555, àmọ́ méjì tó gbẹ̀yìn yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ṣé ilé-iṣẹ́ kan náà ni, àbí ẹnì kan ló ń yí nọ́ńbà?

Rẹ̀mí
Èyí tí ẹ rí yẹn kò tó láti fi mọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń ra nọ́ńbà tó tò tẹ̀ lé ara wọn, gbájúẹ̀ náà sì máa ń yí ẹyọ ìkẹyìn. Bí èyí àkọ́kọ́ ṣe pàdánù +1 tí èkejì kò sì pàdánù rẹ̀, ohun tó fi hàn ni pé ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún pè, kí ẹ gbé e, kí ẹ bi wọ́n pé ilé-iṣẹ́ wo ni, kí ẹ sì wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà fúnra yín, èyí tí wọn kò kà fún yín.